INDIRECT àti owó Ìsánlú tó di òdo

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi INDIRECT, fọ́múlà Excel tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kọ di àdírẹ́sì sẹ́ẹ̀lì, ṣe ìṣirò ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa ní Kàbà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ṣíìtì tirẹ̀: Kabba, Iyara, Mopa, Isanlu. Lórí ṣíìtì àkópọ̀, orúkọ ìlú wà ní òpó A, fọ́múlà yìí sì ń bá mi lọ kó àròpọ̀ owó wá láti F40:

```
=IFERROR(INDIRECT(A5&"!F40"),0)
```

Ó rọrùn púpọ̀. Bí ìlú tuntun bá wọlé, mà á kọ orúkọ rẹ̀, mà á fa fọ́múlà wálẹ̀, ó tán.

Níparí oṣù kan ni akápò wa pè mí. "Òkun o, bùọ̀dá. Báńkì ní 1,031,000 náírà, ìwé tiyín ní 846,500. Èwo ni ká gbà?" Ohun tó dín jẹ́ 184,500, iye tí Ìsánlú dá gẹ́lẹ́. Mo wo ìlà Ìsánlú: 0. Àṣé àbúrò tó ń tẹ̀wé fún wa níbẹ̀ ti yí orúkọ ṣíìtì náà sí Isanlu Oja.

Ká ní `=Isanlu!F40` ni mo kọ ni, Excel ìbá ti yí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán tó wà ní A5 ni INDIRECT ń kà, Excel kì í sì í bá èèyàn tún ọ̀rọ̀ ṣe. (F40 náà ọ̀rọ̀ ni o: ẹ fi ìlà kan kún òkè ṣíìtì ìlú, àròpọ̀ á sún sí F41, òun á ṣì máa wo F40.) Ẹ̀bi IFERROR sì jẹ́ tèmi. Òun ló sọ #REF!, àmì àṣìṣe tí Excel ń fi hàn bí kò bá rí ṣíìtì náà, di 0. Mo yọ ọ́ kúrò, torí #REF! kan ṣoṣo á ba àròpọ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́, kò sẹ́ni tí kò ní í rí i.

Mo wá tẹ Isanlu Oja sí A5. #REF! síbẹ̀! Àlàfo àárín orúkọ ló fà á. Orúkọ ṣíìtì tó bá ní àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì `'` méjì, INDIRECT kì í sì í fi í síbẹ̀ fúnni:

```
=INDIRECT("'"&A5&"'!F40")
```

Báyìí ni mo ṣe kọ gbogbo wọn, torí kò pa orúkọ tí kò ní àlàfo lára.

Ti yíyí orúkọ ló kù. Mi ò fọwọ́ tẹ orúkọ sí òpó A mọ́, fọ́múlà tó ń ka orúkọ ṣíìtì fúnra rẹ̀ ló wà ní A5 báyìí:

```
=MID(CELL("filename",'Isanlu Oja'!A1),
 FIND("]",CELL("filename",'Isanlu Oja'!A1))+1,31)
```

Torí pé orúkọ ṣíìtì inú fọ́múlà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, Excel ń yí i fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá yí orúkọ ṣíìtì. 31 ni lẹ́tà tó pọ̀ jù tí orúkọ ṣíìtì lè ní. Ẹ kọ́kọ́ sefù fáìlì o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì yí lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ F9.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò yẹn tún dá a padà sí Isanlu. Ìgbà tó sọ fún mi ni mo tó mọ̀.