Ẹsẹ̀ Kan Tóbi Ju Èkejì Lọ: Ṣé Ká Dí Àyè Inú Bàtà Ni, Ká Ra Pẹ́à Méjì, àbí Ká Lọ Bá Aránbàtà?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi ojú hàn pé ó gùn ju èkejì lọ. Ó lè ra pẹ́à kan tó bá ẹsẹ̀ ńlá mu, kó wá nǹkan fi dí àyè inú ti kékeré. Ó lè ra pẹ́à méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀, kó mú ọ̀tún nínú ọ̀kan, kó mú òsì nínú èkejì. Ó sì lè lọ bá aránbàtà pé kó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti wọ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta. Ti àárín, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Amẹ́ríkà ló ń wọ̀ ọ́, a sì máa ń fi tiwa wéra. Kí èèyàn ra èyí tó bá ẹsẹ̀ kékeré mu, kí ẹsẹ̀ ńlá wá máa fara dà á, mi ò kà á mọ́ ọn. Oníbàtà tó bá ní òun á fi igi nà án fún yín, fífẹ̀ ló lè fi kún un. Bàtà kì í gùn sí i.

Kí ẹ tó yan, ẹ wọn ẹsẹ̀ yín nírọ̀lẹ́, nígbà tí ó ti wú tán fún ọjọ́ náà. Ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹlòmíì bá yín fi bírò sàmì síbi tí ọmọ ìka tó gùn jù dé. Ẹ má ṣe é níjòókòó, nítorí ẹsẹ̀ máa ń gùn sí i bí ara bá tẹ̀ ẹ́. Àmì kejì ni ọ̀pọ̀ oníbàtà kì í ṣe: láti ògiri dé eegun tó yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ po bí a bá ń rìn. (Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé tóbi, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ sì jìn wọnú, dókítà lẹ máa rí, kì í ṣe oníbàtà.)

Ẹ wo tèmi. Ọ̀tún jẹ́ mìlímítà 263, òsì jẹ́ 254, ìyàtọ̀ 9. Nọ́ńbà bàtà Yúróòpù kan fi díẹ̀ lé ní mìlímítà 6 àbọ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀, ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sì sún mọ́ 8 àbọ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ mi ju nọ́ńbà kan lọ lọ́nà méjèèjì. Ọ̀tún ń wọ 42, òsì ń wọ 41. Àmọ́ nígbà tí mo wọn ti eegun, ọ̀tún jẹ́ 192, òsì jẹ́ 186. Ìyẹn ni pé mìlímítà 6 nínú 9 yẹn wà láàárín gìgísẹ̀ sí eegun. Mẹ́ta péré ló wà níwájú, lápá àwọn ọmọ ìka.

Èmi kò ní ìwọ̀n kejì yẹn lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan nílé ìtajà kan ta 42 fún mi, tó sì tẹ́ fóòmù sínú ti òsì, tó ní ó ti bá mi lẹ́sẹ̀. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ lóòótọ́ bí mo bá jókòó. Bí mo bá dìde, ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́ wà níwájú ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń ṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi bá ń tẹ̀ níbi tí àtẹ́lẹ̀ bàtà le, bàtà kọ̀, kò tẹ̀, gìgísẹ̀ bá ń yọ jáde ní gbogbo ìṣísẹ̀. Fóòmù yẹn gan-an ló tún bà á jẹ́, torí ó gbé ẹsẹ̀ sókè débi pé ẹ̀yìn bàtà kò mú gìgísẹ̀ mọ́. Ó léròrò lókè gìgísẹ̀, ìléròrò náà bó. Níwájú, ibi tí awọ ti ká pọ̀ ń gé mi lórí ọmọ ìka. Owó bàtà yẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó dá a padà fún mi.

Ẹni tó bá fẹ́ dí àyè, kì í ṣe abẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò ti dí i. Tìmùtìmù tín-ínrín tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn inú bàtà á ti ẹsẹ̀ síwájú, kí eegun lè bọ́ síbi tí bàtà ti ń ṣẹ́. Èkejì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ahọ́n bàtà, kó lè di orí ẹsẹ̀ mú. Bàtà olókùn nìkan ni èyí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí okùn ló ń fún un pọ̀. Ó sì níbi tó mọ: tìmùtìmù máa ń fún bí a bá ń tẹ̀ ẹ́, bí ìyàtọ̀ ti eegun bá ju mìlímítà 3 lọ, ẹ má retí pé ó máa bò ó. Ṣùgbọ́n bí ti eegun bá dọ́gba, tó jẹ́ pé ọmọ ìka nìkan ló gùn lápá kan, ọ̀nà yìí ti tó, ẹ má náwó jù bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lè mọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á: kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ bàtà òfìfo náà kó ṣẹ́, ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ẹ wá wọ̀ ọ́, ẹ dì í, ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ wá eegun yẹn láti ìta awọ. Bí kò bá sí lórí ojú ìṣẹ́ náà, ẹ bọ́ ọ, ohun yòówù kí oníbàtà máa sọ.

Ti pẹ́à méjì, àléébù rẹ̀ ni owó: ẹ ó san ìlọ́po méjì, bàtà ẹyọ méjì ó sì kù lọ́wọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ìṣòro yẹn, nítorí ní Nordstrom wọ́n máa ń tú pẹ́à fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi tó nọ́ńbà kan àbọ̀ jura wọn, kó san owó pẹ́à kan. Tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbí, mi ò tíì rí ọlọ́jà tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ní òkìríkà, ẹ má tilẹ̀ rò ó, pẹ́à kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí kó wá nínú irú bàtà kọ̀ọ̀kan.

Ti aránbàtà, ohun tó ṣe pàtàkì ni láásì, ìyẹn ẹsẹ̀ onígi tàbí oníke tí wọ́n ń na awọ lé. Ọ̀pọ̀ aránbàtà á ya ẹsẹ̀ yín méjèèjì sórí pépà dáadáa, ẹ ó sì rí i pé orí láásì 42 méjì ló padà ran méjèèjì lé. Ẹ ní kó fi láásì hàn yín kí ẹ tó san ohunkóhun: 42 ti ọ̀tún, 41 ti òsì, tí orí wọn rí bákan náà. Bí ìyàtọ̀ bá kù díẹ̀, ó lè fi awọ lẹ láásì 41 kó tóbi sí i. Ẹ wo gìgísẹ̀ bàtà méjèèjì, kí wọ́n ga dọ́gba. Tèmi tí wọ́n ṣe báyìí ní Mushin, ojú ìránṣọ rẹ̀ kò jọ ti òyìnbó, mo sì dúró pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ òsì kò tíì yọ gìgísẹ̀ rí. Aránbàtà náà kọ ìwọ̀n mi sí ara láásì 41 yẹn, ó gbé e kọ́ ògiri.

Gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló níbi tó dára sí. Ẹni tí eegun rẹ̀ dọ́gba kó dí i, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tí ìyàtọ̀ rẹ̀ tó nọ́ńbà kan àbọ̀ kó ní kí wọ́n tú pẹ́à fún òun. Ìyókù wa, bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí a ń wọ lọ síbi iṣẹ́ ni ká kọ́kọ́ fi ran aránbàtà níṣẹ́. Sáńdààlì tó ní bọ́kù lẹ́yìn, ẹ lè rà á lọ́jà bẹ́ẹ̀, kí ẹ fa bọ́kù ti ẹsẹ̀ kékeré wọnú ihò kan sí i.