Módù SFP bàìdáì 20 km: oṣù mẹ́jọ lórí fọ́nrán fáíbà kan ṣoṣo

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń lo àwọn módù SFP méjì yìí, èyí tí a ń kì bọ swíìṣì kí ó lè gba okùn fáíbà, láti so yàrá sẹ́fà wa mọ́ ilé tuntun tó wà lópin ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Okùn tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ síbẹ̀ gùn tó 1.4 km. Fọ́nrán méjì ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti já kí n tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra bàìdáì, nítorí fọ́nrán kan ṣoṣo ló fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀.

Kí n tó rà á, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára okùn náà: `OS2 9/125`. Síńgùmóòdù nìyẹn, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ tóóró gan-an, bíi máíkírónì 9. Módù tó ń tan ìgbì ìmọ́lẹ̀ 850 nm tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tó sì dínwó, kò bá a mu. Ti mọ́títímóòdù nìyẹn, tí ọ̀nà tirẹ̀ fẹ̀ tó 50 tàbí 62.5, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò wọ inú ihò tóóró yìí.

Ẹ má ra bàìdáì méjì tó jẹ́ irú kan náà. Tí ọ̀kan bá ń tan 1310 nm tó ń gba 1550 nm, èkejì gbọ́dọ̀ máa tan 1550 kó sì máa gba 1310. Méjì tí wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi n'Íkẹjà, `TX1310` ni wọ́n kọ sára méjèèjì, èmi náà kò sì wò ó kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Iná pọ́ọ̀tì kò tàn. Módù ń tan dáadáa, ṣùgbọ́n RX, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, wà ní -40 dBm, bí ìgbà tí okùn bá já. Okùn kò já o. Asẹ́ inú módù ni kò jẹ́ kí 1310 wọlé. Òǹtajà pààrọ̀ ọ̀kan fún mi láìjanpata, iná sì tàn.

Lóṣù kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pè mí pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ nílé tuntun; tí mo bá débẹ̀ tí mo ṣí àpótí ara ògiri tí swíìṣì wà nínú rẹ̀, ó ti padà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà kẹrin mo jókòó sí yàrá sẹ́fà, mo bi módù fúnra rẹ̀ léèrè:

```
/interface ethernet monitor sfp1 once
```

Ohun tó fèsì nìyí:

```
sfp-wavelength: 1310nm
sfp-tx-power: -6dBm
sfp-rx-power: -23.4dBm
```

Ìwé módù sọ pé ó lè gba ìmọ́lẹ̀ títí dé -22, nítorí náà -23.4 ti kéré ju ohun tó lè gbà lọ. Kí ló yẹ kó jẹ́? Ìmọ́lẹ̀ máa ń pàdánù bíi 0.35 dB ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní 1310, 1.4 km kò ju 0.5 lọ. Kọnẹ́kítọ̀ mẹ́rin ní 0.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2, ojú ìsopọ̀ méjì jẹ́ 0.2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2.7 dB. Módù tó wà nílé tuntun ń tan -5.6, ó yẹ kí n rí nǹkan bíi -8.3. dB mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti sọnù lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dB 3 péré ti tó láti gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn bàìdáì jù. Mo gbé láàptọ́ọ̀pù lọ sí ilé tuntun, mo wọlé sí swíìṣì láti pọ́ọ̀tì inú ọ́fíìsì, láìfọwọ́ kan àpótí. RX ibẹ̀ jẹ́ -10.1. Láti -6, 4.1 dB péré ni 1310 pàdánù, nígbà tí 1550 pàdánù 17.8 lórí fọ́nrán kan náà! Ìdọ̀tí ojú kọnẹ́kítọ̀ kì í ṣe irú ojúsàájú yẹn. Yóò dín méjèèjì kù bákan náà ni. Ohun tó máa ń jẹ 1550 ju 1310 lọ ni kí okùn ká kọ́rọ́kọ́rọ́.

Mo ní kí ẹnì kan nínú yàrá sẹ́fà máa ka RX fún mi lórí fóònù, mo wá ṣí ilẹ̀kùn àpótí. Ó ní -13. Mo tì í, ó ní -23. Pàṣì kọ́ọ̀dù, okùn fáíbà kúkúrú inú àpótí, ti yọ wá síwájú, ilẹ̀kùn sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí irin. Mo fi èyí tó ń fara da kíká, irú `G.657.A2`, rọ́pò rẹ̀, mo ká a lóbìrí tó fẹ̀, mo sì nu ojú kọnẹ́kítọ̀ kí n tó kì í bọ̀ ọ́. Báyìí -8.4 ni mò ń rí ní yàrá sẹ́fà, -8.9 nílé tuntun.

Ẹ má gbára lé iye yìí bí òṣùwọ̀n gidi o. Ìlànà gba kí òǹkà inú módù fi tó 3 dB ṣàṣìṣe. Ìyàtọ̀ dB mẹ́tàlá kò ṣeé jiyàn, ṣùgbọ́n fún ìyàtọ̀ dB kan láàárín módù méjì, ẹ yá mítà ìmọ́lẹ̀. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ fẹ́ agbára ra ti 80 km fún irú ọ̀nà kúkúrú yìí, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ojú tó ń gbà á lè gbé lọ.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ohun tó jẹ́ kí n yọ ọ̀kan ni pé bébà ara rẹ̀ ti ń ṣí nítorí ooru, orí bébà yẹn sì ni wọ́n kọ ìgbì tí ó ń tàn sí. Mo ti fi máákà kọ 1310 àti 1550 sára wọn fúnra mi.