Ilé olódi onígun mẹ́rin àbí róbótó: èwo ló le jù fún ọ̀tá?

Ẹ má fi gíga nìkan wo ilé olódi o. Èyí tó wà ní Rọ́ṣẹ́sítà, ní Ìńgílándì, ga gan, ògiri ẹ̀ nípọn, àmọ́ onígun mẹ́rin ni, igun yẹn ló sì kó bá a. Lọ́dún 1215 Ọba Jọ́ọ̀nù fi ẹ̀rọ tó ń ju òkúta lù ú títí, kò wó, ló bá ní kí àwọn awalẹ̀ gbẹ́ ihò lọ sábẹ́ igun kan, wọ́n ń fi òpó igi gbé òkè ró bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ, ọba wá kọ̀wé pé kí wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ 40 wá, àwọn tó sanra jù tí kò dáa fún jíjẹ, torí ọ̀rá wọn ni wọ́n fẹ́ fi dáná sun àwọn òpó yẹn. Òpó jóná, igun wó lulẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó wà nínú ò jáde, ẹ̀yìn ògiri tó pín ilé náà sí méjì ni wọ́n sá sí, ebi ló padà lé wọn jáde.

Róbótó ńkọ́? Awalẹ̀ ṣì lè gbẹ́ abẹ́ ẹ̀, àmọ́ kò sí igun tó máa dá wó, òkúta náà sábà máa ń yọ̀ lára ẹ̀ ni. Lóòótọ́, yàrá onígun mẹ́rin ń gba ẹrù dáadáa jù. Èmi ṣáà máa mú róbótó, nígbà tí wọ́n tún igun Rọ́ṣẹ́sítà kọ́, róbótó náà ni wọ́n ṣe é.