Flutter tàbí Kotlin pẹ̀lú Swift: èwo ni kí ẹgbẹ́ kékeré mú?

Ká ní ẹni méjì ló ń kọ áàpù kan fún Android àti iPhone. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èdè Kotlin ni ti Android, èdè Swift ni ti iPhone. Ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, àṣìṣe inú rẹ̀ náà sì di àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Flutter, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù, ń lo èdè Dart kan ṣoṣo fún méjèèjì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń ya bọ́tìnì àti ọ̀rọ̀ sójú fóònù. Fún áàpù tó kún fún fọ́ọ̀mù àti àtòkọ, Flutter ni èmi yóò mú.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí áàpù náà bá ní láti máa gba ìsọfúnni láti ara ẹ̀rọ kan nípasẹ̀ Bluetooth nígbà tí ojú fóònù ti kú. Òfin Android lórí èyí yàtọ̀ sí ti iPhone. Flutter kì í dá a ṣe: àfikún tí ẹlòmíràn kọ sí pub.dev, ibi tí wọ́n ń kó àfikún Flutter sí, ni a ó gbára lé, tàbí kí a fi `MethodChannel` so Dart mọ́ Kotlin àti Swift tí a fọwọ́ ara wa kọ. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tí à ń sá fún náà rèé! Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìgbà tí wọ́n tún àfikún náà ṣe kẹ́yìn, kí ẹ sì dán an wò lórí fóònù gidi tí ojú rẹ̀ wà ní pípa.

Owó kan wà tí Flutter kò dín kù, owó gbígbé áàpù síta: Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, ẹ ó sì nílò kọ̀ǹpútà Mac fún ti iPhone, ẹ̀ báà rà á tàbí kí ẹ yá a.