Kí ẹ tó ra sọ́fíwíà tí ẹ ó fi tú fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Dovetail, MAXQDA àti ELAN lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìyá aláṣọ kan ní ọjà Wuse ní Àbújá ló jókòó níwájú fóònù tí a fi ń ya fídíò. Ọmọ iṣẹ́ wa bi í pé, “Mà, tí ẹ bá rí alẹ́ẹ̀tì lórí áàpù yìí, ṣé ẹ lè jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ lọ?” Ìyá dákẹ́. Ó wo ojú fóònù, ó wo ọ̀nà, ó ní, “Ó dáa… ó dáa náà, ọmọ mi.”

Nígbà tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, ohun tó kù níbẹ̀ ni “Ó dáa, ó dáa náà.” Ẹni tó kà á fi sábẹ́ ìtẹ́lọ́rùn. Ìdákẹ́ ìyá yẹn tó ìṣẹ́jú-àáyá 2.3, kò sì sí ibi kankan tó hàn nínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi yan sọ́fíwíà nìyẹn. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé: ṣé ìdákẹ́ lè dúró fúnra rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀, tí a ó sì lè wá a jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Utako. Fídíò 12 ló wà lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ojú iye yẹn ni mo fi wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Dovetail ló yá jù. Orí ayélujára ló wà, ẹ ó gbé fídíò sókè, yóò tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, ẹ ó fi kọ́sọ̀ fa ìlà sórí gbólóhùn, ẹ ó fún un ní àmì. Tí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà sọ, ẹ lè so àwọn gígé kéékèèké pọ̀ kí ó wò ó. Fún ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àmọ́ orí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ jáde ni àmì rẹ̀ ń jókòó lé. Ẹni tó dákẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀, kí wá ni ẹ fẹ́ fa ìlà sí? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ wọ inú àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ (2.3) sáàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, kí ẹ wá fi àmì sí akọ́mọ́ yẹn. Bí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìtàkùrọ̀sọ ṣe ń kọ ọ́ láti ìgbà Gail Jefferson, ẹni tó dá ọ̀nà ìkọ̀wé náà sílẹ̀, nìyẹn: ìdákẹ́ nínú akọ́mọ́, ní ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, àmì kólọ́ọ̀nù fún ohùn tí a fà gùn. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni yóò máa wọn ìdákẹ́ náà níbòmíràn.

MAXQDA dúró láàárín. Orí kọ̀ǹpútà yín ló ń gbé, tí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ̀kì sì tẹ̀lé e, iṣẹ́ kò dúró. Ẹ lè fi kóòdù, bí wọ́n ṣe ń pe àmì níbẹ̀, sí ara fídíò gan-an láìkọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ kankan jáde: ẹ ó fa ibi tí ìdákẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí lórí àwòrán ìgbì ohùn, ẹ ó sì ju kóòdù sí i. Ó tún jẹ́ kí ẹ fún kóòdù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. A máa ń fi ìwọ̀n yẹn sọ bí ìlọ́tìkọ̀ náà ṣe le tó, láti 1 dé 3, a kò kọjá ibẹ̀ nítorí pé tí ìwọ̀n bá ti di mẹ́wàá, àwa mẹ́ta kì í lè fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ mọ́. Ibi tó ti wúlò jù ni pé igi kóòdù, àkọsílẹ̀ èrò yín àti fídíò wà lójú kan náà, ẹ sì lè béèrè pé, “Fi ibi tí ‘ìgbẹ́kẹ̀lé’ àti ‘ìlọ́tìkọ̀’ ti gun ara wọn hàn mí.” Owó láísẹ́ǹsì rẹ̀ ni ẹ ó jókòó ṣírò, nítorí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń tà á, náírà wa kì í sì í dúró sójú kan.

ELAN jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ Max Planck tó ń ṣèwádìí èdè àti ọpọlọ ní Nijmegen, ní Netherlands, ló ṣe é. Ojú rẹ̀ kò dára, mi ò ní parọ́ fún yín, ó sì gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìlà ni ó fi ń ṣiṣẹ́, bí ìlà inú ìwé orin: ìlà kan fún olùbéèrè, ìlà kan fún ẹni tó ń dáhùn, ìlà kan fún ìdákẹ́, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ojú àti ọwọ́. Gbogbo wọn ń rìn lórí aago kan náà. Ìdákẹ́ di nǹkan gidi níbẹ̀. Tí ẹ bá kó iṣẹ́ yín jáde, ìbẹ̀rẹ̀, òpin àti gígùn ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sínú fáìlì tí Excel lè ṣí.

Ohun tí kò ní ni ilé fún kókó ọ̀rọ̀. Kò sí igi kóòdù, kò sí ibi tí ẹ ó ti máa da èrò yín rú kí ẹ sì tún tò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ELAN nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́ yóò máa fi Excel parí rẹ̀ ní òru.

| | Dovetail | MAXQDA | ELAN |
|---|---|---|---|
| Ibi tí àmì ń jókòó sí | ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ | ọ̀rọ̀ tàbí fídíò | aago, lórí ìlà |
| Gígùn ìdákẹ́ | ẹ ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ | bí ẹ bá ṣe fà á | ó ń ka á fúnra rẹ̀ |
| Kíkó kókó jọ | ó rọrùn | ó jinlẹ̀ jù | kò sí |
| Láìsí nẹ́tíwọ̀kì | rárá | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni |

(QualCoder wà tí ẹ kò bá lówó MAXQDA. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń fi kóòdù sí fídíò, ẹ kàn gbọ́dọ̀ ní VLC lórí kọ̀ǹpútà.)

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ. Ṣé 2.3 pọ̀? Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009, tó fi èdè mẹ́wàá wé ara wọn, àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn sún mọ́ 0.2 ìṣẹ́jú-àáyá. Yorùbá kò sí nínú mẹ́wàá yẹn, àti pé àgbà tí ọmọdé ń bi léèrè kì í kánjú dáhùn. Nítorí náà ẹ má fi òdiwọ̀n ẹlòmíràn wọn ìyá. Ohun tí a ṣe ni pé a wọn ìdákẹ́ rẹ̀ níbi tí a ti ń bi í nípa ọmọ àti ọjà, kí a tó dé orí áàpù. Àlàfo rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 0.4 sí 0.7. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé 2.3 kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Kò tíì parí o. Nínú fídíò kan náà, ìdákẹ́ 14 ló ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Nígbà tí a wo ìlà ojú àti ọwọ́, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ pé áàpù ń yí lórí fóònù, ìyá sì ń dúró dè é. Mẹ́ta jẹ́ oníbàárà tó ń béèrè iye ní èdè Hausa. Márùn-ún péré ló kù fún ìlọ́tìkọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún yẹn sì jẹ́ lórí alẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn la wá mọ ìdí rẹ̀: nígbà tó yá, ìyá sọ fúnra rẹ̀ pé alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti jẹ òun lówó rí. Ẹ wá rí i pé ìdákẹ́ gbọ́dọ̀ ní kóòdù méjì, ọ̀kan fún gígùn rẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó fà á. ELAN ń fún yín ní ìlà fún méjèèjì. Ní MAXQDA, kóòdù kékeré lábẹ́ ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Tí olùtajà bá ní sọ́fíwíà òun ń mọ̀ bóyá inú èèyàn dùn nípa bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ rántí pé Yorùbá àti Hausa jẹ́ èdè olóhùn. “Ó dáa” bẹ̀rẹ̀ lókè nítorí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é, kì í ṣe pé inú ẹnikẹ́ni dùn. Ọ̀nà tó wà ni láti fi gbólóhùn kan náà wé ara rẹ̀ lẹ́nu ẹni kan náà. Ìyá ti sọ “Ó dáa” níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ní ká fún un ní omi. A fi Praat, sọ́fíwíà tó ń wọn ohùn, wọn méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ELAN sì lè kó fáìlì rẹ̀ wọlé. Ti omi gba 0.4 ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn rẹ̀ wà ní nǹkan bí 230 Hz. Ti alẹ́ẹ̀tì gba 0.9, ohùn sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 190. Àmì ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn ti ọ̀dọ̀ ìyá wá.

ELAN àti Praat lè wá ìdákẹ́ fúnra wọn. Ní yàrá tó parọ́rọ́, ó ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà. Ní ọjà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò jẹ́ kí ìdákẹ́ kankan wà létí ẹ̀rọ, ẹ ó rí òdo. Máíìkì kékeré tí a fi há aṣọ ló wo èyí sàn fún wa. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: áàpù ìpè tó ń pa ariwo máa ń pa “hmm” mọ́ ọn, ìlọ́tìkọ̀ á wá dà bí ìdákẹ́ lásán.

Fídíò fóònù tún ní ìṣòro tirẹ̀: iye àwòrán tó ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í dúró sójú kan, ohùn àti àwòrán lè máa ya ara wọn bí fídíò ti ń lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Tí ìgbì ohùn ìparí kò bá bá ọwọ́ tó pàdé mu, ẹ kọ́kọ́ fi ffmpeg, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ tó ń yí fídíò padà, ṣe èyí:

```
ffmpeg -i iya.mp4 -vf fps=25 iya25.mp4
ffmpeg -i iya25.mp4 -vn -ac 1 -ar 16000 iya.wav
```

Fáìlì WAV yẹn ni ELAN fi ń ya àwòrán ìgbì ohùn.

Kí ẹ tó sanwó fún ti orí ayélujára, ẹ ṣírò dátà. Fóònù wa ń jẹ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú kan, fídíò 12 ti di gígábáìtì 48 kí ẹ tó fi kóòdù kan sí i. Ojú àti ohùn èèyàn tún jẹ́ dátà tí òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 dáàbò bò. Tí fídíò yóò bá kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé tí ìyá fọwọ́ sí, kí ẹ sì kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́.

Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ láti mọ ibi tí èèyàn ti ń sọnù nínú áàpù, tí ìròyìn sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ ra Dovetail, ẹ gbàgbé ìdákẹ́. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ìlera tàbí ohunkóhun tí ojú máa ń ti èèyàn láti sọ, MAXQDA ni n óò ra, n óò sì fi ELAN ọ̀fẹ́ wọn ìdákẹ́ fún fídíò bíi mẹ́ta tó ṣe kókó jù. Gbogbo méjìlá kọ́ o: ìṣẹ́jú kan fídíò máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ELAN.

Ẹ lo ọjọ́ ìdánwò ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fún yín. Ẹ mú fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún kan, ẹ fi kóòdù sí i, kí ẹ wá ní kí sọ́fíwíà náà kó gbogbo ìdákẹ́ tó ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, tí “Ó dáa” tẹ̀lé, jáde fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kó iṣẹ́ náà jáde, kí ẹ fi sọ́fíwíà mìíràn ṣí i. Ojú-òpó kan tí n kò ní dárúkọ ti fi ọ̀rọ̀ nìkan ránṣẹ́ sí mi rí nígbà tí mo fẹ́ kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀. Gbogbo aago tí mo fi oṣù méjì wọn ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wọn.