Mẹ́gà tí mo fi yẹ wáyà ilé àtijọ́ wò: ohun tó sọ àti ohun tó fi pamọ́

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń lo ẹ̀rọ tí àwa oníná ń pè ní mẹ́gà, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá awọ wáyà ṣì lè ká iná mọ́ inú wáyà. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, torí gbogbo irinṣẹ́ tuntun ló máa ń dùn lọ́wọ́ ẹni. Iṣẹ́ ilé àtijọ́ kan tí mo parí láìpẹ́ yìí ló mú mi kọ ọ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí i kedere pé ẹ̀rọ yìí lè sọ òótọ́, kí ẹni tó ń kà á sì gbọ́ ọ lódì.

Tẹ́lẹ̀, mítà kékeré tó ń gbé inú àpò mi ni mo fi ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Ẹ má ṣe é mọ́ bí ẹ bá ń ṣe é. Bátìrì inú mítà yẹn kì í tú ju fóòtì díẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ 230 fóòtì ni wáyà náà yóò máa gbé. Ó dà bí ìgbà tí a gbé ọmọ ọwọ́ ka orí afárá kí a lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ẹrù lè gbà á kọjá. Mẹ́gà ní tirẹ̀ máa ń tú 500 fóòtì sára wáyà, ó sì ń wo iye iná tó jò gba ara awọ kọjá. Mẹ́gàóòmù ló fi ń ka èsì, ìyẹn mílíọ̀nù óòmù, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni awọ ṣe le tó. IEC 60364, ìlànà àgbáyé fún wáyà ilé, ní kí èsì wáyà ilé má ṣe wà nísàlẹ̀ mẹ́gàóòmù kan, 1 MΩ.

Bàbá tó ni ilé tí mo ń wí yìí ti pe oníná kan ṣáájú mi. Ọ̀gbẹ́ni náà so gbogbo wáyà pọ̀ nídìí àpótí bùrékà, ó wọ̀n ọ́n, ó rí 0.29, ó sì ní kí wọ́n fa gbogbo wáyà ilé jáde kí wọ́n fi tuntun sí i. Bàbá wá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Wá bá mi fi ojú tìrẹ wò ó. Ṣé kò wá sí èyí tó ṣeé fi sílẹ̀ níbẹ̀ rárá ni?"

Mo pa iná láti ìdí bùrékà àgbà, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò pé iná kankan kò ṣẹ́ kù lára wáyà. Mo yọ gbogbo ohun tí wọ́n kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tú gílóòbù kúrò níbi gbogbo, mo sì tú súwíìṣì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ìyà ló kọ́ mi. Nínú oṣù tí mo ra mẹ́gà, mo gbàgbé irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀ kan sára ògiri ilé oníbàárà, 500 fóòtì bà á jẹ́, owó mi ni mo fi ra òmíràn. Ìdí kan náà ni mo fi máa ń so láìfù tó ń gbé iná wá àti nútírà tó ń gbé e padà pọ̀ kí n tó fi ẹnu okùn mẹ́gà kan mọ́ wọn, kí n fi èkejì mọ́ éètì, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣì wà lórí wáyà tí mi ò rí, iná náà kò ní gba inú rẹ̀ kọjá láti láìfù sí nútírà. Gbogbo súwíìṣì iná náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn, torí wáyà tó wà lẹ́yìn súwíìṣì tí a pa, mẹ́gà kò ní rí i.

Mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bí ọ̀gbẹ́ni yẹn ti wọ̀n ọ́n. 0.29 náà ni. Kò parọ́. Àmọ́ ọ̀nà wáyà márùn-ún ló so pọ̀, wọ́n sì dà bí àgbá omi tó ní ihò márùn-ún. Omi ń jò níbi márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, ihò tó fẹ̀ jù ló sì ń sọ bí àgbá yóò ṣe yára gbẹ tó. Nọ́ńbà tí a bá rí níbẹ̀ máa ń kéré ju ti ọ̀nà tó burú jù lọ. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo wọn ló bàjẹ́.

Mo tú wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iná ìsàlẹ̀ ka 60, iná òkè 25, sọ́kẹ́ẹ̀tì òkè 90. Kúkà iná ka 1.8, sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sì ka 0.35.

Ti kúkà kò gba àkókò rárá. Mo tú kúkà fúnra rẹ̀ kúrò lẹ́nu wáyà, nọ́ńbà sì fò sókè sí 150. Nínú irin tó ń gbóná lára kúkà, ìyẹ̀fun funfun kan wà tó máa ń fa ọ̀rinrin mu bí ẹnikẹ́ni kò bá tan kúkà fún ìgbà pípẹ́. Bàbá fúnra wọn ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn ti tàn án kẹ́yìn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ni mo jókòó tì. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti ìdí bùrékà. Dípò kí n máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkẹta ni mo ṣí, mo sì já wáyà tó ń lọ síwájú níbẹ̀. Apá ti ìdí bùrékà ka 120. Apá kejì ṣì wà ní 0.35, mo bá tún dá ìyẹn sí méjì, ó sì kù sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, èyí tó wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo ṣí i, bàbà ẹnu wáyà ti di àwọ̀ ewé, erùpẹ̀ inú bọ́kìsì rẹ̀ sì tutù. Omi òjò ti ń gba etí bọ́kìsì wọlé. Mo gé ẹnu wáyà tó bàjẹ́, mo nu bọ́kìsì títí ó fi gbẹ, mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, mo sì dí etí rẹ̀. Ọ̀nà náà ka 70. Mo so márààrún pọ̀ padà láìsí kúkà, mo sì rí 11, níbi tí a ti rí 0.29 láàárọ̀. Mi ò fa wáyà kan ṣoṣo jáde.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, inú Bàbá ì bá dùn, èmi náà ì bá sì ti lọ sílé. Iná òkè ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, bẹ́ẹ̀ 25 ló kà, kò sì sí ìlànà tó ní kí a bẹ̀rù 25. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, wáyà oníke ni mo rí nínú bọ́kìsì gbogbo, ó hàn pé ẹnì kan ti fà á tuntun rí. Ní òkè, rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ wé ni, irú èyí tí wọ́n ń lò kí wáyà oníke tó gbòde. Mo tú ibi tí gílóòbù ń so mọ́ nínú yàrá àkọ́kọ́. Ìka lásán ni mo fi kàn án, rọ́bà náà sì já bọ́ sílẹ̀ bí amọ̀ gbígbẹ, bàbà yọ síta láìwọ nǹkan kan.

Kí ló wá mú un ka 25? Wáyà méjèèjì jìnnà síra díẹ̀, wọn kò sì kan irin tí wọ́n fi gbá a mọ́ àjà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló wà láàárín wọn àti irin náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì lè dá 500 fóòtì dúró dáadáa. Mẹ́gà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín awọ àti afẹ́fẹ́. Mo fi okùn rẹ̀ gbá wáyà náà mú, mo tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kó máa wọ̀n ọ́n lọ láìdúró, mo sì fi igi gbígbẹ kan ti wáyà náà jẹ́jẹ́. 25 di 4, 4 di 0.00. Nígbà tí mo yọ igi, ó padà sí 9, kò sì dé 25 mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá méjì mìíràn, bákan náà ló rí.

Ohun tí mo sọ fún Bàbá nìyẹn: ọ̀nà tí mẹ́gà dá lẹ́bi kò nílò wáyà tuntun, ọ̀nà tó dá láre ló nílò rẹ̀. Iná òkè nìkan ni kí a fà tuntun. Àwọn tó kù lè dúró, kí a tún wọ̀n wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra mẹ́gà torí irú iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé kò ní sọ fún yín bóyá ẹnu wáyà kan dẹ̀, tàbí bóyá wáyà tín-ín-rín ju ẹrù tó ń gbé lọ. Èyí tó lè tan èèyàn jù ni ilé tí kò ní wáyà éètì rárá. Bí ẹ bá so mẹ́gà mọ́ ibi tó yẹ kí éètì wà, tí kò sì sí níbẹ̀, yóò kọ >999 MΩ síwájú yín, nọ́ńbà tó dára jù tó ní. Nínú ilé àtijọ́, bí mo bá rí >999 MΩ, ńṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ wá éètì náà lọ. Ojú ọjọ́ náà ń yí i padà: wáyà kan náà lè ka ìlọ́po ìlọ́po lọ́sàn-án gbígbẹ ju òwúrọ̀ tí ògiri ṣì tutù, bí wáyà bá sì fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná sí i, nọ́ńbà rẹ̀ lè dín kù sí ìdajì.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mi ò ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Ó ń kìlọ̀ bí iná bá ṣì wà lórí wáyà, kì í sì í gbà láti wọ̀n ọ́n nígbà náà. Bí mo bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ó ń fa iná tó kù sínú wáyà gígùn jáde, mo sì ń rí fóòtì náà bó ṣe ń wálẹ̀ dé òdo kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹnu okùn rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Ó rọ̀ jù, ó máa ń yọ́ kúrò lórí bàbà láìjẹ́ pé mo mọ̀, wáyà tó ti bàjẹ́ yóò sì ka >999. Ní báyìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí mo bá parí, mo ń fi ẹnu okùn méjèèjì kan ara wọn kí n lè rí 0.00, kí n tó gba èsì gbọ́.

Ọjọ́ méjì ni a fi fa wáyà iná òkè, pẹ̀lú éètì tirẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn àpótí bùrékà, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò kò rọ̀. Bàbá ní kí n pa á rẹ́, kí n tún un kọ gàdàgbà, kí ojú àwọn lè rí i.