Ìkún inú fún bírákẹ́ẹ̀tì àti fún ère ọ̀ṣọ́: bátànì wo, ìdá mélòó?

Yálà ẹ fẹ́ sanwó fún ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ 3D tẹ nǹkan fún yín ni o, tàbí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, iye ìdá ìkún inú, ìyẹn ike tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ sí àárín nǹkan lábẹ́ ògiri ìta rẹ̀, ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni pé ìdá tó pọ̀ ló ń jẹ́ ohun tó lágbára. Mo ti ra bírákẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n tà fún mi lówó gọbọi nítorí pé ìkún inú rẹ̀ jẹ́ 80%, kó lè gbé pákó ìkówèésí dúró. Ibi igun rẹ̀ ló ti ya. Ojú ibi tó ya náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń dán, èyí tó fi hàn pé ìpele kan, nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń tò léra, ló ṣí kúrò lórí ìkejì, kì í ṣe pé ike náà já. Nínú rẹ̀, àwọn ìlà bátànì `grid`, onígun mẹ́rin bí àwọ̀n, fún pinpin bí ẹni tó tà á ti wí, ṣùgbọ́n ògiri ìta kò ju ìlà méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní apá bírákẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ ní mìlímítà 20, tí ó sì nípọn ní mìlímítà 10 ní ìhà tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà ògiri kan sábà máa ń tó mìlímítà 0.45, nítorí náà ìlà méjì kò tó mìlímítà 1. Bí ìpọ̀n yẹn bá yí apá náà ká, tòkè tìsàlẹ̀, èèpo nìkan ń pèsè nǹkan bí ìdajì líle tí apá náà ìbá ní ká ní ó kì látòkè délẹ̀. Bí ìlà bá di mẹ́fà, tí èèpo náà sì di mìlímítà 2.7, ó ń pèsè nǹkan bí 93%. Ìdí ni pé nígbà tí nǹkan bá ń tẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń nà tí ó sì ń fún jù, àárín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ike kún àárín náà pátápátá, nǹkan bí 7% tó kù nìkan ni ẹ ń lé kiri. Bírákẹ́ẹ̀tì onílà mẹ́fà pẹ̀lú ìkún 25% tilẹ̀ ń jẹ ike tó kéré ju ti onílà méjì pẹ̀lú 80% lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí iye ògiri tàbí ìkún tó lè dáàbò bo bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ ní òòró, tí ìlà ìpele rẹ̀ fi dábùú ẹsẹ̀ apá náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìpele kọ̀ọ̀kan lè gba igun náà kọjá láìjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ti bátànì, `grid` máa ń gba orí ara rẹ̀ kọjá nínú ìpele kan náà, ẹnu ẹ̀rọ a sì máa gbá àwọn oríta rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́, òun nìyẹn. `gyroid`, bátànì tí ìlà rẹ̀ ń rí bí ìgbì, kì í kọjá lórí ara rẹ̀, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níhà gbogbo.

Ère ọ̀ṣọ́ kò ní ẹrù láti gbé. Ohun tí ìkún ń ṣe níbẹ̀ ni láti gbé òrùlé rẹ̀ dúró: àtàrí, èjìká, orí fìlà. `lightning` ń ṣe èyí bí igi tó ń yọ ẹ̀ka kìkì níbi tí òrùlé ti nílò rẹ̀, kò sì sí bátànì tó ń ṣọ́ ike lò tó o. Ó yẹ fún ère ńlá tí yóò kàn dúró lórí tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ yóò ṣófo, tí ẹ óò sì mọ̀ ọ́n bí ẹ bá tẹ ikùn rẹ̀. `gyroid` 10% ń jẹ ike díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń di ara ère mú níbi gbogbo. Ẹ má ṣe dààmú nípa ọrùn ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín: pẹ̀lú ìlà ògiri mẹ́ta, ibi tí kò bá ju mìlímítà 2.7 lọ yóò kún fún ògiri fúnra rẹ̀. Ìlà mẹ́ta yìí náà ni kì í jẹ́ kí òjìji ìkún hàn lójú ère, pàápàá bí ike rẹ̀ bá ń dán. Bí àtàrí bá rí kókó-kókó tàbí tó lu, ẹ fi ìpele òkè kún un kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdá.

`lightning` àti `gyroid` ló ní ibi tí wọ́n ti wúlò. Bí èmi bá fẹ́ ra nǹkan báyìí, ohun tí mo máa kọ ránṣẹ́ fún bírákẹ́ẹ̀tì ni ìlà ògiri mẹ́fà, ìpele òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, `gyroid` 25%, kí wọ́n dà á dùbúlẹ̀. Fún ère, ìlà mẹ́ta, ìpele òkè mẹ́fà, `gyroid` 10%, àyàfi bí ère náà bá tóbi débi pé iye owó ike rẹ̀ ti ń dẹ́rù bani.